Gúdúwìlì: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣírò Rẹ̀ Nígbà Tí Ẹ Bá Ra Ilé-Iṣẹ́ Ẹlòmíràn, àti Ìdí Tí Ẹ Fi Gbọ́dọ̀ Dán An Wò

Ọ̀kún o. Ìbéèrè kan náà ló ń bọ̀ lemọ́lemọ́ láti Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀: "Mo ra ilé-iṣẹ́ kan ní mílíọ̀nù 180 náírà. Nígbà tí a ṣí ìwé rẹ̀, ohun tó ní lẹ́yìn gbèsè kò ju mílíọ̀nù 80 lọ. Ibo ni kí n kọ mílíọ̀nù 100 tó kù sí?" Bó bá tó ọdún kan tàbí méjì, ìbéèrè kejì a tẹ̀ lé e: "Ọ́dítọ̀ ní kí a gé gúdúwìlì. Kí ló dé, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń ra ọjà wa?"

Ìbéèrè méjèèjì so mọ́ ara wọn. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe nínú ti àkọ́kọ́, ti kejì ló máa bá a jà. Ẹ jẹ́ ká mú wọn ní ẹsẹẹsẹ.

## Ohun tí gúdúwìlì jẹ́

Gúdúwìlì ni owó tí ẹ san ju iye gbogbo ohun tí ẹ lè tọ́ka sí ní ilé-iṣẹ́ tí ẹ rà lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ tó ti mọwọ́ ara wọn, àwọn oníbàárà tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, èrè tí ẹ rò pé ẹ máa rí bí ilé-iṣẹ́ tiyín àti èyí tí ẹ rà bá para pọ̀. Kò sí èyí tí ẹ lè yà sọ́tọ̀ gbé lọ sọ́jà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí gúdúwìlì fi jẹ́ owó tó kù lẹ́yìn ìṣirò. Kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n ní tààrà.

Gúdúwìlì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ kò wọ ìwé. Bí búrẹ́dì yín bá ti lórúkọ láti Kàbà dé Ìyàrà fún ogún ọdún, orúkọ rere yín nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ iye kankan sílẹ̀ fún un. Ìgbà tí ẹnìkan bá rà yín ni ó máa hàn, inú ìwé ẹni tó rà yín ni yóò sì ti hàn.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìlànà wo lẹ ń lò?

Bí ilé-iṣẹ́ yín bá ń lo odindi IFRS, ìyẹn àwọn ìlànà àgbáyé fún kíkọ ìwé owó, IFRS 3 ló ń darí rírà náà, IAS 36 ló sì ń darí àyẹ̀wò ìdínkù iye. Lábẹ́ wọn, a kì í pín gúdúwìlì sórí ọdún gẹ́gẹ́ bí ìnáwó díẹ̀díẹ̀. Àyẹ̀wò ọdọọdún la ń ṣe fún un. Bó bá jẹ́ IFRS for SMEs, ìlànà ti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, lẹ ń lò, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀, apá ìkẹyìn ìtọ́sọ́nà yìí wà fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akántáǹtì yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti pín gúdúwìlì sórí ọdún lójú ewé kan, tí wọ́n tún ní kò sí ohun tó ń dín in kù lójú ewé kejì.

## Apá kìíní: ṣíṣe ìṣirò gúdúwìlì

Àpẹẹrẹ tí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyí. Ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Kàbà ra ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì mìíràn ní Ìsánlú, gbogbo rẹ̀ pátá, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún kìíní. Owó tó san jẹ́ mílíọ̀nù 180. Odindi IFRS ni ilé-iṣẹ́ Kàbà ń lò.

1. Ẹ kọ iye tí ẹ san sílẹ̀, kí ẹ yọ owó lọ́yà kúrò. Mílíọ̀nù 180 tó tẹ ẹni tó tà lọ́wọ́ ni iye rírà. Mílíọ̀nù 4 tí ẹ san fún lọ́yà àti ẹni tó yẹ ìwé wò jẹ́ ìnáwó ọdún náà. Kò sí nínú gúdúwìlì. Bí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ máa fi owó kún un bí ọjà bá tà dé iye kan, ẹ gbọ́dọ̀ fojú bu ìlérí náà ní ọjọ́ tí ẹ ra ilé-iṣẹ́, kí ẹ fi kún iye rírà lọ́jọ́ náà gan-an.

2. Ẹ fi iye ọjà òde òní wọn ohun ìní kọ̀ọ̀kan. Iye tó wà nínú ìwé ẹni tó tà kọ́ lẹ máa lò. Ní Ìsánlú, ilẹ̀ àti ilé jẹ́ mílíọ̀nù 40 nínú ìwé, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 60 ni ọjà ń pè é. Ààrò àti ẹ̀rọ ìpofúláwà jẹ́ 35 nínú ìwé. Ààrò kan ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà 30 ni wọ́n tó. Ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri jẹ́ 15, fúláwà, ṣúgà àti bọ́tà sì jẹ́ 8. Àwọn yìí kò yí padà.

Gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ ló gba sùúrù. Inú ẹsáísì kan tí epo ti kán sí ni wọ́n kọ ọ́ sí: orúkọ ìyá kan, iye búrẹ́dì tó gbé, iye tó san. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 12. Ẹ máa ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè ẹni tó ti san nǹkan nínú oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn kan ti kó lọ sí Lọ́kọ́jà, àwọn mìíràn ti fi títà búrẹ́dì sílẹ̀. Mílíọ̀nù 10 ló ṣeé gbà, 10 lẹ máa kọ.

3. Ẹ wá ohun tí kò sí nínú ìwé rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá búrẹ́dì ní iye tirẹ̀, nítorí ẹ lè tà á tàbí kí ẹ fi háyà. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n ni láti béèrè pé: bí orúkọ yìí kì í bá ṣe tiyín, èló lẹ ò bá máa san lọ́dọọdún kí wọ́n tó gbà yín láyè láti lò ó? Nínú àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ mílíọ̀nù 18. Àdéhùn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ní pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 9. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dá dúró nínú ìwé yín.

Ọ̀gá tó mọ búrẹ́dì í ṣe ńkọ́? Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kò lè dá dúró nínú ìwé, torí ẹ kò ní agbára lórí wọn. Wọ́n lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Inú gúdúwìlì ni ìmọ̀ wọn ń gbé. Ẹ má gbàgbé gbólóhùn yìí, ó ń bọ̀ wá wúlò.

4. Ẹ yọ gbèsè. Owó báńkì jẹ́ 20, ti àwọn tó ń tà fúláwà fún wọn jẹ́ 10. Ẹ tún wá gbèsè tí kò tíì wọ ìwé: ẹjọ́ tó wà nílé ẹjọ́, owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò san. Nínú àpẹẹrẹ wa kò sí.

5. Ẹ ṣe ìyọkúrò. Gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù náírà:

- Ilẹ̀ àti ilé: 60
- Ààrò àti ẹ̀rọ: 30
- Ọkọ̀: 15
- Fúláwà àti ẹrù yòókù: 8
- Gbèsè oníbàárà: 10
- Orúkọ búrẹ́dì: 18
- Àdéhùn ilé-ẹ̀kọ́: 9
- Àròpọ̀: 150
- Yọ gbèsè 30: ó ku 120
- Iye rírà 180, yọ 120: gúdúwìlì jẹ́ 60

Ẹni tó béèrè ìbéèrè wa àkọ́kọ́ rò pé 100 ni. Ó fi 40 kún gúdúwìlì lásán, torí ìwé ẹni tó tà ló gbójú lé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ẹ máa pín àdéhùn ilé-ẹ̀kọ́ sórí ọdún mẹ́ta, ẹ sì máa pín orúkọ búrẹ́dì sórí ọdún tí ẹ máa fi lò ó, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti fara pamọ́ sínú gúdúwìlì kò ní gbó lọ́dọọdún. Èrè yín á wá dà bí ẹni pé ó dára ju bó ṣe rí lọ.

Ìkìlọ̀ kan: mo fi owó-orí ọjọ́ iwájú sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí kí ojú ọ̀nà lè mọ́. Nínú tiyín, ẹ má fi sílẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín iye ọjà àti iye tí àwọn agbowó-orí mọ̀ máa ń bí gbèsè owó-orí, gbèsè náà sì ń mú gúdúwìlì ga sí i. Níbí, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 40. Bí owó-orí bá jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, gúdúwìlì á fi 12 ga sí i.

Bí ìṣirò yín bá já sí pé iye rírà kéré sí ohun tí ẹ rí gbà, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ padà tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, ẹ wá gbèsè tó sá pamọ́. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àtúnyẹ̀wò ni ẹ tó lè kọ ọ́ sí èrè.

Ẹ ní àyè láti ṣàtúnṣe sí àwọn iye wọ̀nyí bí ẹ bá rí ẹ̀rí tuntun nípa bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ra ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá ọdún kan sí ọjọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rírà kò sí lára ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

## Ìdí tí a fi ń dán an wò

Ààrò ń gbó, a sì ń yọ iye tó gbó lára rẹ̀ lọ́dọọdún. Gúdúwìlì kò ní ọjọ́ tí a mọ̀ pé yóò tán, nítorí náà odindi IFRS kò jẹ́ ká pín in. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀ lè wà nínú ìwé títí láé, kódà bí ohun tó dúró fún ti lọ. Àyẹ̀wò ìdínkù iye ni ìdènà kan ṣoṣo tó wà. Ìbéèrè rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ṣé owó tí ilé-iṣẹ́ yìí máa mú wá láti òní lọ tó iye tó wà nínú ìwé?

Ẹ wo bí ìbéèrè yìí ṣe yàtọ̀ sí "ṣé àwọn ènìyàn ṣì ń ra búrẹ́dì wa?" Wọ́n lè máa rà á. Ẹ lè máa jèrè pàápàá. Bí èrè náà kò bá tó èyí tí ẹ tìtorí rẹ̀ san mílíọ̀nù 180, apá kan nínú gúdúwìlì ti di òfo. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ san àsanjù láti ọjọ́ kìíní.

## Apá kejì: ṣíṣe àyẹ̀wò náà

1. Ẹ sọ ibi tí gúdúwìlì ń gbé. Gúdúwìlì kì í dá mówó wá, nítorí náà a gbọ́dọ̀ gbé e sórí ẹ̀ka apawówọlé: àkójọ ohun ìní tó kéré jù lọ tó ń dá mówó wọlé láì fara ti ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀ka tó máa jàǹfààní nínú rírà náà lẹ máa gbé e fún. Ìpele tí àwọn alákòóso ti ń ṣọ́ gúdúwìlì ló gbọ́dọ̀ wà, kò sì gbọdọ̀ tóbi ju abala iṣẹ́ kan lọ nínú ìròyìn yín. Nínú àpẹẹrẹ wa, Ìsánlú ní ààrò tirẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ àti oníbàárà tirẹ̀ ní Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn alákòóso sì ń wo èsì rẹ̀ lọ́tọ̀ lóṣooṣù. Gbogbo 60 lọ sí Ìsánlú.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni òtítọ́ ti ń sá pamọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n pa Kàbà àti Ìsánlú pọ̀ di ẹ̀ka kan. Ohun ìní Kàbà jẹ́ 90 nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó lè mú 150 wá, torí orúkọ rere tó fi ogún ọdún kọ́ kò sí nínú ìwé. Àjẹkù 60 yẹn á di agboòrùn fún Ìsánlú. Ẹ máa rí i nísàlẹ̀ pé àdánù Ìsánlú jẹ́ 48.5, bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀, àdánù náà kò ní hàn rárá. Kò sí ẹni tó purọ́, kò sí iye tí wọ́n fò, síbẹ̀ ìwé kò sọ òótọ́. Nítorí náà ẹ pinnu ẹ̀ka ní kùtùkùtù, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má sì yí i padà nítorí pé àyẹ̀wò ti fẹ́ burú.

2. Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ẹ lè ṣe é ní oṣù yòówù nínú ọdún, àmọ́ oṣù kan náà ni lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ ọdún yìí gan-an lẹ ra ilé-iṣẹ́, tí ẹ sì ti gbé gúdúwìlì rẹ̀ sórí ẹ̀ka, ẹ gbọ́dọ̀ dán an wò kí ọdún tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbàkígbà tí àmì bá yọ, ẹ tún dán an wò láìdúró de oṣù yín. Àmì tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́:

- oníbàárà ńlá kan lọ, tàbí àdéhùn kan parí tí wọn kò tún un ṣe;
- èrè kéré gan-an sí èyí tí ẹ kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ra ilé-iṣẹ́;
- owó fúláwà tàbí dísù gbéra tí ẹ kò sì lè fi kún owó búrẹ́dì;
- èlé báńkì lọ sókè;
- ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ní Ìsánlú, irú àmì bẹ́ẹ̀ mẹ́ta yọ ní ọdún kejì. Ọ̀gá tó mọ búrẹ́dì í ṣe lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Mọ̀pà, àwọn ìyá kan tẹ̀ lé e, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì fagi lé àdéhùn. Ìparí oṣù Kejìlá ni ọjọ́ àyẹ̀wò wọn.

3. Ẹ kọ́kọ́ dán ohun ìní tó ní àmì tirẹ̀ wò. Àdéhùn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ 9 níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì nínú mẹ́ta, ó ku 3. Àdéhùn ti já, kò sí owó kankan tó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ pa 3 náà rẹ́ kí ẹ tó dé orí gúdúwìlì. Ẹni tó bá fò ó máa gbé àdánù àdéhùn wọnú àdánù gúdúwìlì.

4. Ẹ ro iye ẹ̀ka náà nínú ìwé. Ilẹ̀ àti ilé 57, ààrò àti ẹ̀rọ 24, ọkọ̀ 9, orúkọ búrẹ́dì 15, ẹrù àti gbèsè oníbàárà lẹ́yìn tí a yọ owó àwọn onífúláwà 7. Ìyẹn jẹ́ 112. Ẹ fi gúdúwìlì 60 kún un: 172. Owó báńkì kò sí níbẹ̀, torí èlé rẹ̀ kò ní sí nínú owó tí a fẹ́ ṣírò.

5. Ẹ wá iye tó ṣeé rí gbà. Ọ̀nà méjì ló wà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì lẹ máa mú. Àkọ́kọ́ ni iye títà: èló lẹ máa rí bí ẹ bá tà á lónìí, lẹ́yìn ìnáwó títà? Èyí tó ṣeé fi ẹ̀rí ọjà gbè lẹ́yìn fún Ìsánlú ni 120. Ìnáwó títà jẹ́ 4. Ó ku 116. Èkejì ni iye ìlò: owó tí ẹ̀ka náà máa mú wá bí ẹ bá ń lò ó lọ, tí a mú padà sí iye òní.

Fún iye ìlò, ẹ kọ owó tó máa wọlé yọ èyí tó máa jáde fún ọdún tó ń bọ̀, ó pẹ́ tán ọdún márùn-ún. Èlé báńkì àti owó-orí kò sí nínú rẹ̀. Ti Ìsánlú jẹ́ 24, 26, 28, 29 àti 30. Lẹ́yìn ọdún karùn-ún, wọ́n gbà pé yóò máa fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún. Ìdá ẹ̀dínwó jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún: èrè tí olówó máa béèrè lónìí kó tó ki owó rẹ̀ bọ irú òwò bẹ́ẹ̀, ṣáájú owó-orí. Iye wọ̀nyí jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Ẹ wá tiyín. Bí owó tí ẹ kọ bá ti ní ọ̀wọ́n gógó ọjà nínú, ìdá ẹ̀dínwó gbọ́dọ̀ ní in nínú pẹ̀lú.

Nínú Excel, ẹ kọ owó ọdún márùn-ún náà sí B2 títí dé F2, kí ẹ wá tẹ èyí:

```
=NPV(0.25,B2:F2)+F2*(1+0.05)/(0.25-0.05)/(1+0.25)^5
```

Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ mú nǹkan bí 71.9 wá, ọdún tó tẹ̀ lé wọn mú 51.6. Àròpọ̀ jẹ́ 123.5. Ó ju 116 lọ, nítorí náà 123.5 ni iye tó ṣeé rí gbà.

6. Ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ kọ àdánù. 172 yọ 123.5 jẹ́ 48.5. Gúdúwìlì ló kọ́kọ́ ń gbẹ́rù. Ó wálẹ̀ láti 60 sí 11.5, 48.5 sì wọ ìnáwó ọdún náà. Kò sí owó tó jáde ní báńkì. Bí iye tó ṣeé rí gbà bá jẹ́ 100, àdánù á jẹ́ 72: gúdúwìlì á tán pátá, 12 tó kù á sì pín sórí àwọn ohun ìní yòókù gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a gbọ́dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ju iye tó lè mú wá lọ.

7. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé sínú àlàyé ìwé. Orúkọ ẹ̀ka, iye gúdúwìlì rẹ̀, ohun tó fa àdánù, ìdá ẹ̀dínwó, ìdá ìdàgbàsókè, iye ọdún tí ẹ fojú bù. Bí ìyípadà kékeré tó lè ṣẹlẹ̀ bá máa mú àdánù wá níbi tí kò ti sí, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú.

## Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Ìdá ẹ̀dínwó tí wọ́n fọwọ́ fà. Ẹ tún ìṣirò òkè yẹn ṣe pẹ̀lú 22 dípò 25. Iye ìlò di 145.3, àdánù sì wálẹ̀ láti 48.5 sí 26.7. Ìyàtọ̀ mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ti bo nǹkan bí mílíọ̀nù 22 mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́dítọ̀ fi máa ń béèrè ibi tí ẹ ti mú un. Kí ẹ mú un láti inú ọjà: èrè owó tí a yá ìjọba, kí ẹ wá fi ewu irú òwò yìí kún un. Èlé tí báńkì yín fún yín nìkan kò tó, torí báńkì ní ohun ìdúró lọ́wọ́, ẹ̀yin kò ní.

Ètò tí ẹ kò tíì ṣe. Alákòóso ní bí àwọn bá ra ààrò tuntun, dísù máa dínkù, mílíọ̀nù 8 á máa wọlé sí i lọ́dún. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n iye ìlò ń wo ilé-iṣẹ́ bó ṣe wà lónìí. Ẹ yọ 8 náà kúrò, kí ẹ sì yọ owó ààrò náà. Owó àtúnṣe àwọn ààrò tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àfojúsùn tí kò jọ ìgbà àtijọ́. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ lọ́dún tó kọjá síwájú ohun tó wọlé gan-an. Bí ẹ bá kọ 34 tí 25 wọlé, tí ẹ tún ń kọ 35 fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó yí padà.

Rírà tí kò pé. Bí ẹ bá ra ìdá 80 péré nínú ọgọ́rùn-ún, tí gúdúwìlì 60 inú ìwé sì jẹ́ ti ìpín tiyín nìkan, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sókè sí 75 nígbà àyẹ̀wò, torí owó gbogbo ilé-iṣẹ́ lẹ ń fi wé e. Bí àdánù gúdúwìlì bá wá yọ, ìdá 80 rẹ̀ lẹ máa kọ.

Fífẹ́ dá a padà. Bí búrẹ́dì Ìsánlú bá tún gbérí ní ọdún kẹrin, gúdúwìlì tí ẹ ti gé kò ní padà. Bí ó bá gbérí, ọ̀gá tuntun àti oníbàárà tuntun ló mú un gbérí. Gúdúwìlì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ nìyẹn, a sì ti sọ pé kì í wọ ìwé. Ohun ìní yòókù tí ẹ gé lè padà dé ìwọ̀n kan. Gúdúwìlì kò lè padà.

## Bó bá jẹ́ IFRS for SMEs lẹ ń lò

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni ní agbègbè wa wà níbí. Ìyàtọ̀ tó kàn yín jẹ́ mẹ́ta.

1. Ẹ máa pín gúdúwìlì sórí ọdún. Bí ẹ kò bá lè fi ẹ̀rí sọ iye ọdún tí yóò wúlò, kò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ.
2. Àyẹ̀wò kì í ṣe ọdọọdún. Ẹ wá àmì lópin ọdún kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i nìkan ni ẹ máa ṣe ìṣirò.
3. Owó lọ́yà. Ẹ̀dà 2015 ní kí ẹ fi í kún iye rírà. Ẹ̀dà kẹta, tí wọ́n gbé jáde ní 2025, tó sì máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2027, ní kí ẹ kọ ọ́ sí ìnáwó.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀dà 2015 ṣe Ìsánlú. Iye rírà di 184, gúdúwìlì di 64. Bí a bá pín in sórí ọdún 10, 6.4 ló ń lọ lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ku 51.2. Àmì ti yọ, ẹ dán an wò: 112 àti 51.2 jẹ́ 163.2, iye tó ṣeé rí gbà ṣì jẹ́ 123.5, àdánù jẹ́ 39.7. Gúdúwìlì tó kù jẹ́ 11.5, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti odindi IFRS. Láti ọdún kẹta, ẹ máa pín 11.5 náà sórí ọdún mẹ́jọ tó kù, nǹkan bí mílíọ̀nù 1.44 lọ́dún.